Bó Bá Jẹ́ Ọ̀rẹ́ Yín Ńkọ́?

Ká ní oníṣòwò kan tajà àwìn, ajigbèsè sì sá lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí, yóò ní, "Pẹ̀lẹ́, ọjà ló rí bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń pè ní òmùgọ̀.

Kristin Neff, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní ìdánrawò kan lórí irú ìwà yìí; ẹ lè ṣe é báyìí. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń sọ sí ara yín gan-an, tèébú-tèébú. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ máa sọ fún ọ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ wá fi orúkọ ara yín ka ìkejì sókè.

Ó lè kọ́kọ́ dà bí irọ́ lẹ́nu yín, kò burú. Àmọ́ ìkẹ́ra-bàjẹ́ kọ́ o. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ṣì máa ń dárúkọ àṣìṣe: "O ò kọ àwìn yẹn sílẹ̀, láti òní lọ, máa kọ ọ́." Bí ìwé yín kò bá débẹ̀, àwáwí lẹ kọ. Bí èébú náà bá sì ń sọ pé kí ẹ kú, bébà ò tó: ẹ lọ rí dókítà lónìí.