Kí Ọ̀rọ̀ Yorùbá Lè Rí Àyè ní Abẹ́ Àwòrán Fídíò



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní alẹ́ òní kò ṣòro láti sọ. Bí a bá ń kọ ọ̀rọ̀ fídíò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì mọ̀ pé a ó sọ ọ́ di Yorùbá ní ẹ̀yìn ọ̀la, yálà kí a fi ohùn Yorùbá rọ́pò ohùn Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí a kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ àwòrán, àyè tí Yorùbá yóò gbà ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n kí a tó gbé kámẹ́rà. A kò sọ èyí bí ẹni tí ó kà á nínú ìwé. Àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe ni ó kọ́ wa.

Àwa olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ya fídíò kan tí kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ, lórí ohun tí ó yẹ kí a ṣe bí ejò bá bu ènìyàn ṣán ní oko. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe é, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ibi púpọ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni a ní kí a kọ Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀, kí àwọn òbí tí ń gbé abúlé àyíká wa lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí a fi í hàn wọ́n tán, ìyá oníṣòwò kan, tí ó mọ ìwé Yorùbá kà dáadáa, dìde, ó sì wí pé, "Olùkọ́, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ní kí a gé ojú ọgbẹ́ náà ni?"

A dá a lóhùn pé, "Rárá o, ìyá wa. Ẹ má ṣe gé e rárá."

Ó ní, "Ẹ máa bínú o, ohun tí mo rí kà ní ìsàlẹ̀ nìyẹn."

Ojú tì wá púpọ̀. Nígbà tí a padà wo fídíò náà, a rí i pé òótọ́ ni ìyá wí. Àyè tí ó wà fún ọ̀rọ̀ náà kò tó. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ sì ti gé e sí wẹ́wẹ́ níbi tí àyè ti tán. "Ẹ má ṣe" ni ó parí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, kíá ni ó sì pòórá; "gé ojú ọgbẹ́ náà" ni ó bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà lára àwòrán nígbà tí ti ìṣáájú ń kọjá, àṣẹ pé kí ó gé ọgbẹ́ ni yóò kà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí a fi fẹ́ gba ẹ̀mí là fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí ń pa ènìyàn lára.

Kí ni ó fà á tí àyè kò fi tó? Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn náà gan-an. Ní Yorùbá ó kà báyìí: "Ẹ má ṣe gé ojú ọgbẹ́ náà, ẹ má ṣe fi okùn dè é, ẹ má sì ṣe fi ẹnu fa oró rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí ẹ sì tètè gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn." Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti mú un wá jẹ́ sílébù 23 péré. Ti Yorùbá, bí a bá kà á bí a ti kọ ọ́, jẹ́ 57. A fi aago sí ọwọ́, a sì kà wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́: Gẹ̀ẹ́sì gba ìṣẹ́jú àáyá 6, Yorùbá gba 11.

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi atúmọ̀. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, bẹ́ẹ̀ ni kì í kó wọn jọ sí ojú kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a sọ di búrẹ́dì jẹ́ sílébù 1 ní ẹnu àwọn tí ó ni ín. Ní ẹnu wa ó di 3. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, àwa a máa fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é. Oògùn tí dókítà ń gún fún ẹni tí ejò bù ṣán jẹ́ sílébù 4 ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá pè é ní oògùn apa oró ejò, ó di 9. Nígbà tí a parí Bíbélì Yorùbá ní 1884, gígùn bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ojú ìwé kò ní aago. Ẹni tí kò bá yé lè tún un kà. Fídíò ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá jẹ́ ohùn ni a fẹ́ fi rọ́pò ohùn, ẹni tí ń kà á yóò máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Bí ẹni náà bá sì sáré, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò dàpọ̀, ẹ sì mọ̀ pé inú ohùn ni ìtumọ̀ Yorùbá wà. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, ìṣirò mìíràn ni. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń fi ìlà 2 hàn lẹ́ẹ̀kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan má ju nǹkan bí lẹ́tà 42 lọ, pẹ̀lú àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ lè ka lẹ́tà bí 17 ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Fún Yorùbá, àwa ti fi 12 ṣe òdiwọ̀n, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ka èdè ara wa tó bẹ́ẹ̀, àmì ohùn sì ń fẹ́ kí ojú dúró díẹ̀. Gbólóhùn wa jẹ́ lẹ́tà 147. Ó ń béèrè ìṣẹ́jú àáyá 12 àti díẹ̀ sí i. Àwòrán náà fún un ní 6. Ìlàjì rẹ̀ ni ènìyàn lè kà kí ó tó lọ. Omi odù kan kò lè gba inú agbè kékeré láìdànù.

Nígbà náà ni a padà sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, a sì tún un kọ. A kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. A tú gbólóhùn kan náà sí 5, a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀. Olùsọ̀rọ̀ sọ gbólóhùn kúkúrú kan, ó sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dákẹ́: ó gbé abẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ju okùn nù, ó na ẹsẹ̀ aláìsàn sórí pákó kí ó má baà mì. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ní àkókò ìdákẹ́jẹ́ náà; ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ń rí àyè kà tàbí kí ó gbọ́. A fi ìṣẹ́jú àáyá 3 sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni méjì àkọ́kọ́ ṣe rí nínú fáìlì; àkókò tí ọ̀rọ̀ yọ ni ó ṣáájú ọfà, àkókò tí ó lọ ni ó tẹ̀ lé e:

```
1
00:00:40,000 --> 00:00:43,000
Ẹ má ṣe gé ojú ọgbẹ́ náà.

2
00:00:43,200 --> 00:00:46,200
Ẹ má ṣe fi okùn dè é.
```

Èkínní jẹ́ lẹ́tà 24, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni ó sì fẹ́; a fún un ní 3. Èyí tí ó gùn jù nínú márààrún ni "Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn," ó jẹ́ lẹ́tà 30 àti sílébù 12, a sì lè kà á tàbí sọ ọ́ nínú 3 náà láìsáré. Ẹ kíyè sí i pé "má" àti iṣẹ́ tí ó ń dá lẹ́kun kò kúrò lọ́dọ̀ ara wọn mọ́. Òfin ni a sọ èyí dà: ohun tí a ń kọ̀ fún ènìyàn, iye tí ó gbọ́dọ̀ wọ̀n, àti orúkọ oògùn, a kò gbọdọ̀ gé wọn sí ọ̀nà méjì, a kò sì gbọdọ̀ yọ wọ́n kí àyè lè tó. Bí nǹkan kan yóò bá lọ, kí ìkíni àti àsọtúnsọ lọ.

Ohun mẹ́ta mìíràn tún wà tí a kò kíyè sí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ tí ejò bù ṣán wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán gan-an, ọ̀rọ̀ wa sì bò ó. Nígbà kejì a gbé ẹsẹ̀ náà sí àárín, a sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Olùsọ̀rọ̀ wa kọjú sí kámẹ́rà, ètè rẹ̀ sì dákẹ́ nígbà tí ohùn Yorùbá ṣì ń lọ. Nígbà kejì ọwọ́ rẹ̀ ni a yà, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láìrí ẹnu rẹ̀, a sì fi ìró ìlù pamọ́ sí ọ̀tọ̀ kí a lè pààrọ̀ ohùn láìpa ìlù rẹ́. Ẹ̀kẹta ni ti àmì. Lórí fóònù kan, àpótí kékeré òfìfo ni ó yọ níbi tí ẹ́ àti ọ̀ yẹ kí ó wà. Kí a fi fáìlì pamọ́ ní UTF-8, kí a yan irú lẹ́tà tí ó ní àmì òkè àti ti abẹ́, kí a sì fi àlàfo sáàárín ìlà méjèèjì kí àmì ìlà ìsàlẹ̀ má baà wọ inú ti òkè.

A kò ní fi pamọ́ fún yín pé ọ̀nà yìí ní iye tí ó ń ná ni. Ohun tí a sọ nínú ìṣẹ́jú àáyá 6 tẹ́lẹ̀ di nǹkan bí 16. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo fídíò náà, yóò gùn ju sùúrù àwọn tí ń wò ó lọ. Nítorí náà a dín ohun tí a ń kọ́ni kù: a yọ ìtàn oríṣiríṣi ejò kúrò, a sì fi í sílẹ̀ fún fídíò mìíràn. Ní ti fídíò tí ẹlòmíràn ti yà tán, kò sí àyè láti tún un kọ. Ohun tí ó kù ni kí a dá àwòrán dúró díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀, tàbí kí atúmọ̀ fi ọgbọ́n kúkúrú sọ ọ́ láìjẹ́ kí "má" sọnù.

Bí a ti ń dán an wò kò le. Kí a tó ya àwòrán, kí ẹnìkan ka Yorùbá sókè, kí ẹlòmíràn sì mú aago dání. Lẹ́yìn tí a bá yà á tán, kí a pa ohùn rẹ̀, kí a fi í han ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì rí i rí, kí a sì ní kí ó sọ ohun tí ó kà fún wa. A gbé fídíò kejì padà sí ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò náà. Ó wò ó tán, ó sì wí pé, "Ẹ má gé e, ẹ má dè é, ẹ má fà á, ẹ má mì í, ẹ gbé e lọ." Ó kà á lé ìka ọwọ́ rẹ̀ márààrún, kò sì sí ọ̀kan tí ó dín.