Iṣan Wú, Irúgbìn Gbẹ: Ọ̀rọ̀ lórí Oògùn Amúṣanwú

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ fún wa lónìí. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé n óò dárúkọ kórópọ̀n, n óò dárúkọ àtọ̀, n óò sì sọ̀rọ̀ nípa dídìde nǹkan ọkùnrin. Bí a bá fi àdàpè bo ọ̀rọ̀ náà jù, ẹni tí ó kàn kò níí mọ̀ pé òun ni à ń bá wí.

Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa pé jọ láti gbé irin kí ara wọn lè le. Irin gbígbé kò ní ibi kankan nínú. Ohun tí ó ń kó wàhálà wá ni abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró tí àwọn mìíràn ń fi kún un kí iṣan wọn lè tètè wú. Sitẹ́rọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ń lò ó a máa sọ pé oògùn akọ ni, pé ó ń sọ ọkùnrin di ọkùnrin. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ibi tí òótọ́ náà pin sí gan-an ni mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Nǹkan kan wà tí kórópọ̀n ọkùnrin ń ṣe tí a ń pè ní tẹsitositẹ́rọ́ọ̀nù. Kí ó má baà wúwo lẹ́nu wa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní oje akọ. Òun ni ó ń mú irùngbọ̀n hù, tí ó ń mú ohùn ki, tí ó ń mú ìfẹ́ àtibálòpọ̀ wá, tí ó sì ń mú iṣan le. Ní ọdún 1935, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Ámísítádáàmù yọ ọ́ jáde láti inú kórópọ̀n akọ màlúù. Wọ́n lo kórópọ̀n tí ó tó 100 kílò, mílígíráàmù 10 péré ni wọ́n sì rí. Ìdí rẹ̀ ni pé kórópọ̀n kì í tọ́jú oje yìí pamọ́. Bí ó ti ń ṣe é ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí kórópọ̀n ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ń ṣe ní ọjọ́ kan kò ju mílígíráàmù bíi 5 sí 7 lọ. Oje akọ yìí, tàbí àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí a yí díẹ̀ padà, ni gbogbo sitẹ́rọ́ọ̀dù amúṣanwú.

Ta ni ó ń sọ fún kórópọ̀n pé kí ó ṣiṣẹ́? Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, kókó ẹran kékeré kan wà tí kò ju ẹ̀wà kan lọ. Kókó yìí a máa rán ìránṣẹ́ méjì sínú ẹ̀jẹ̀. Èkíní, tí àwọn oníṣègùn ń fi lẹ́tà LH kọ sílẹ̀, ń pàṣẹ fún kórópọ̀n pé kí ó ṣe oje akọ. Èkejì, tí wọ́n ń kọ ní FSH, ń ṣọ́ ibi tí irúgbìn ọmọ ti ń hù. Ọpọlọ a sì máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà gbogbo. Bí oje akọ bá dínkù, a rán ìránṣẹ́ sí i. Bí ó bá pọ̀ jù, a dá wọn dúró. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oje tí ara ṣe àti èyí tí ó ti inú abẹ́rẹ́ wá. Nígbà tí ọkùnrin bá gún abẹ́rẹ́, ọpọlọ a rí i pé ọjà kún, a sì dá ìránṣẹ́ méjèèjì dúró. Kórópọ̀n kò wá gbọ́ àṣẹ mọ́, ó sì sùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í lóye ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kí irúgbìn tó lè hù, oje akọ tí ó wà nínú kórópọ̀n fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Kórópọ̀n nìkan ni ó lè ṣe é kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò lè fi rọ́pò rẹ̀, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà wọlé. Ọkùnrin náà wá dà bí ilé tí àgbàrá kún àgbàlá rẹ̀, tí kànga rẹ̀ sì gbẹ. Oje tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó láti mú kí ìfẹ́ obìnrin gbóná lára rẹ̀, kí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ sì máa dìde dáadáa, àmọ́ irúgbìn kò sí nínú àtọ̀ tí ó ń jáde. Àtọ̀ kò sì yí àwọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù, nítorí pé ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ omi inú rẹ̀ ti ń wá. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Àmì tí ọwọ́ lè fi mọ̀ ni pé kórópọ̀n a máa súnkì. Àwọn ọ̀nà tín-ínrín tí irúgbìn ń hù nínú wọn ni wọ́n kó apá tí ó pọ̀ jù nínú títóbi rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dúró níbẹ̀, kórópọ̀n a kéré, a sì rọ̀. Àwọn dókítà ní ìlẹ̀kẹ̀ kan tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tí í máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ bí mo bá rí i ní ìlú àwa onísẹ̀gi yìí. Hóró 12 ni a sín sórí okùn, láti èyí tí ó gba mililítà 1 títí dé 25. Dókítà a fi ọwọ́ kan di kórópọ̀n mú, a sì fi ọwọ́ kejì wá hóró tí ó bá a dọ́gba. Ti àgbàlagbà ọkùnrin sábà máa ń wà láàárín 15 sí 25.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó gbọ́ ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a lè rí abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin, wọ́n sì gún ọkùnrin 271 tí ara wọn dá, ní orílẹ̀-èdè 7, ní abẹ́rẹ́ oje akọ. Mílígíráàmù 200 ni ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1990 ni àbájáde rẹ̀ jáde: nínú 271 yẹn, 157 ni kò ní irúgbìn kan ṣoṣo nínú àtọ̀ wọn mọ́. Oògùn tí àwọn dókítà fi ń dá ọmọ bíbí dúró ni àwọn agbérin ń gún láti fi jẹ́ akọ, iye tí wọ́n sì ń gún a máa tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti àwọn dókítà náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àkàwé. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà. Ọmọ ọdún 29 ni, ó ti gbé ìyàwó. Mílígíráàmù 250 ni ó ń gún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12; a sinmi díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Àyà rẹ̀ fẹ̀, apá rẹ̀ ki, kò sì sí alẹ́ tí kò wá ìyàwó rẹ̀ wá. Ọdún kan kọjá, oyún kò dé. Ta ni ẹbí yóò fura sí? Ìyàwó ni. Ìyá ọkọ gbé àgbo wá. Wọ́n ní inú rẹ̀ gbóná, wọ́n ní kí ó lọ fọ ilé ọmọ. Kò sí ẹni tí ó wo ọkọ, nítorí ọkùnrin tí ó ki tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ní àbùkù wà lára rẹ̀?

Nígbà tí ó yá, owó tán, ó dá abẹ́rẹ́ dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oje tí ó gún ti tán nínú ẹ̀jẹ̀, kórópọ̀n sì ń sùn síbẹ̀. Nísinsìnyí ni gbogbo rẹ̀ dẹ̀. Kò wu ú láti wọlé tọ ìyàwó, bí ó bá sì wu ú, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kì í dìde tàbí kí ó má dúró. Ó rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ bàjẹ́, iṣan rẹ̀ ń jò. Ó sáré padà sídìí abẹ́rẹ́, okun sì padà. Ó wá gbà pé abẹ́rẹ́ ni ó wo òun sàn, kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ni ó fa àìsàn ọ̀hún. Èmi kò rí ohun tí ó ń de ọkùnrin mọ́ oògùn yìí tó àyídà yẹn. Ohun tí ó tún burú jù ni pé bí ó bá lọ ṣàròyé àìrọ́mọbí ní ilé oògùn, ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò tún gún un ní oje akọ pé àtọ̀ rẹ̀ kò lágbára.

Níkẹyìn, tọkọtaya náà lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì ní kí àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò. Kò sí irúgbìn kan nínú àtọ̀ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ sọ pé kórópọ̀n rẹ̀ jẹ́ mililítà 8. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní àárọ̀ ni ó fi ọ̀ràn náà hàn: oje akọ pọ̀ rẹpẹtẹ, LH àti FSH fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Bí kórópọ̀n bá kéré nítorí pé ṣegede ti bà á jẹ́ nígbà kan rí, ìránṣẹ́ yóò pọ̀, nítorí ọpọlọ ń pariwo pe ẹni tí kò lè dáhùn. Bí ìránṣẹ́ kò bá sí, tí oje sì pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé láti ìta ni oje náà ti ń wọlé. Ìgbà náà ni dókítà bi í léèrè, ìgbà náà ni ó sì jẹ́wọ́.

Ǹjẹ́ ó ṣeé tún ṣe? Ó sábà máa ń ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù. Irúgbìn kan ń lò tó oṣù méjì àbọ̀ kí ó tó dàgbà, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí ọpọlọ bá tún jí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àbájáde irú àwọn abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí wọ̀nyí jọ ní ọdún 2006, wọ́n rí i pé ìdá 67 nínú 100 ni irúgbìn wọn padà sí 20 mílíọ̀nù nínú mililítà kan láàárín oṣù 6, ìdá 90 láàárín ọdún kan, gbogbo wọn sì láàárín ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n níwọ̀n ni àwọn yẹn gbà, lábẹ́ ojú dókítà. Ẹni tí ó ti ń da oríṣi mẹ́ta pọ̀ fún ọdún púpọ̀ kò lè fi tiwọn ṣírò tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Dẹ́máàkì, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé oje akọ àwọn tí wọ́n ti jáwọ́ láti bí ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì kéré sí ti àwọn tí kò lò ó rí. Dókítà ní oògùn tí ó fi ń jí ọpọlọ tàbí kórópọ̀n, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń rà fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin inú àkàwé wa jáwọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ le fún un, nítorí pé kò lókun, ojú sì ń tì í níwájú ìyàwó rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, èyí ni kò sì jẹ́ kí ó sáré padà sídìí abẹ́rẹ́. Ní oṣù kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ní dídìde ní àárọ̀. Ní oṣù kẹfà, wọ́n rí irúgbìn mílíọ̀nù 3. Ní oṣù kẹwàá, mílíọ̀nù 18, kórópọ̀n sì ti padà sí mililítà 15. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì lóyún nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ti dẹ́kun gbígbé àgbo wá fún un.