Aago Mẹ́jọ Ta Ni?

Èmi fúnra mi ni ìtàn tòní ṣẹlẹ̀ sí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ íńtáànì.

A fẹ́ gba ètò wa sílẹ̀ níwájú èrò ní Yábàá. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ìjókòó ogójì péré ló wà. Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè, 27 Oṣù Kẹwàá 2025, la fi sí fún ìforúkọsílẹ̀. Láti Fúráídè ni mo ti kọ póòsìtì náà sórí WordPress. Mo yan aago mẹ́jọ, mo tẹ Schedule, mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì.

Mọ́ńdè dé. Aago mẹ́jọ kọjá, mi ò rí nǹkan kan. Inú dáńfó ni mo wà, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Aago mẹ́sàn-án géérégé ló jáde, bí ìforúkọsílẹ̀ ṣe ń tì pa! Ẹnì kan kọ̀wé sí wa pé: "Ẹ ti pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ yín tán kẹ́ ẹ tó pè wá." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Ọ̀gá mi ní, "Ṣé o sùn lọ ni?"

"Rárá, Àǹtí, mi ò sùn. Ẹ wò ó, aago mẹ́jọ ni mo kọ."

Lóòótọ́, aago mẹ́jọ náà ni WordPress sọ pé òun gbé e jáde. Ìgbà yẹn la wọ Settings, a tẹ General, a wo Timezone. London ló wà níbẹ̀! Àbúrò Àǹtí tó ń gbé ní Peckham ló bá wa ṣí i lóṣù kẹfà.

Ẹ gbọ́ ibi tọ́rọ̀ wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago London àti ti Èkó dọ́gba. Tó bá wá di Sánńdè tó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá tiwọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Tiwa kì í yí. Ọjọ́ Sánńdè yẹn, ọjọ́ kan péré ṣáájú póòsìtì mi, ni wọ́n dá a padà. Aago mẹ́jọ wọn wá di mẹ́sàn-án wa.

Ojú ewé yẹn máa ń fi aago tó ń lò hàn yín, ẹ lè fi wé ti fóònù yín. Àmọ́ ká ní oṣù keje ni mo wò ó, méjèèjì ì bá bára mu, mi ò sì ní fura. Orúkọ ìlú gan-an ni kẹ́ ẹ kà. Mo yan Lagos, mo tún ṣí gbogbo póòsìtì tó ṣì ń dúró de àsìkò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yí aago wọn sí òmíràn, mo fi wọ́n pa mọ́, mo wá dá aago wọn padà sí bó ṣe yẹ, mo tún fi wọ́n pa mọ́.

Àǹtí tún ìforúkọsílẹ̀ ṣí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tó bú wa yẹn ríbi jókòó, iwájú pátápátá. Bó ṣe rí mi báyìí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù níbí?"