Láàárín Ìka àti Bọ́tìnnì: Bó Ṣe Yẹ Kí Áàpù Dá Ọwọ́ Lóhùn

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí: èyí tí à ń tẹ̀ kí owó tó kúrò nínú àkáǹtì wa. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lójú fóònù láti ìgbà tí ìka bá kan bọ́tìnnì yìí títí di ìgbà tí ìka bá kúrò lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó bébà igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2023, kéèṣì ti ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ aráàlú. Ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì lójú títì Coker ní Ìlúpéjú àti ẹni tó fẹ́ sanwó fún mẹ́káníìkì, tiransífà ni gbogbo wọn ń ṣe, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì kò sì rọ́wọ́ mú. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì tí kò rí nǹkan kan tó yí padà yóò tún un tẹ̀. Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì la máa ń dá lẹ́bi, ó sì jẹ̀bi lóòótọ́. Àmọ́ nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí áàpù sọ fún ẹni tó ń sanwó. Ó yẹ kó sọ fún un pé ìka rẹ̀ ti kan bọ́tìnnì, ó sì yẹ kó sọ fún un nígbà tí owó bá ti lọ. Ti àkọ́kọ́ kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Inú fóònù ló ti ń bẹ̀rẹ̀, inú fóònù náà ló ń parí sí. Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì mọ̀ bóyá òun tẹ̀ ẹ́ tàbí òun kò tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ àwa tí a ṣe áàpù ni ẹ̀bi yẹn wà.

Ní ọdún 1968, Robert Miller tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM kọ ìwé lórí bó ṣe yẹ kí kọ̀ǹpútà tètè dáni lóhùn tó. Ó ní bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì, ìdáhùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, kó lè dà bíi pé ara títẹ̀ náà ni. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, tí a sì pe ìdá kọ̀ọ̀kan ní mìlísẹ́kọ́ńdì, 100 ni ààyè tí Miller fún wa. Sikirínì fóònù tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa máa ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àwòrán mẹ́fà péré ló wọ inú ààyè yẹn. Ohun tí a bá fẹ́ kí ojú rí, inú àwòrán mẹ́fà yìí la ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án.

Bọ́tìnnì tí a tẹ̀ sábà máa ń kéré sí i díẹ̀, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ ṣú. Kọ́ọ̀fù ni ìlà tó ń sọ ibi tí ìyípadà yẹn yóò ti yára àti ibi tí yóò ti falẹ̀. Iye mẹ́rin la fi ń kọ ọ́. Ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti wà kí fóònù alágbèéká tó dé: Pierre Bézier lò ó ní ilé-iṣẹ́ Renault ní ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1960 láti fi ya ara mọ́tò. Irú méjì ló kàn wá lónìí. Dánfó tó ń kúrò ní ibùdókọ̀ máa ń rọra gbéra kó tó sáré; ìyẹn ni `ease-in`. Dánfó tó ń bọ̀ wá dúró, orí eré ló ti ń bọ̀, á wá máa falẹ̀ títí yóò fi dúró. Ìyẹn ni `ease-out`.

Ká ní ìyípadà bọ́tìnnì wa yóò gba mìlísẹ́kọ́ńdì 200, ká sì wo ibi tó dé nígbà tí 50 bá pé. `ease-in`, tí iye rẹ̀ jẹ́ `cubic-bezier(0.42, 0, 1, 1)`, kò tíì ṣe ju ìdá 9 nínú 100 iṣẹ́ rẹ̀ lọ. `ease-out`, tí iye rẹ̀ jẹ́ `cubic-bezier(0, 0, 0.58, 1)`, ti ṣe ìdá 38. Èyí tí Google fi sínú Material Design fún ohun tó ń wọlé sójú sikirínì, `cubic-bezier(0, 0, 0.2, 1)`, ti ṣe ìdá 58. Àkókò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò parí, síbẹ̀ ojú yóò jẹ́rìí pé ti àkọ́kọ́ lọ́ra. Nítorí rẹ̀ ni ẹlòmíràn ṣe máa ń gé àkókò kù láti 200 sí 150, láti 150 sí 120, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì yéé sọ pé áàpù náà wúwo. Kọ́ọ̀fù ló yẹ kó pààrọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìka wa ti wà lórí eré kó tó kan gíláàsì. Ọwọ́ wa ti ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn náà tán. Ohun tó kù fún bọ́tìnnì ni pé kó gba eré yẹn, kó sì fà á dúró. Bí bọ́tìnnì bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, ara yóò mọ̀ pé nǹkan ti já láàárín.

Títẹ̀ àti fífi sílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gba iye àkókò kan náà. Nígbà tí ìka ń tẹ̀, ẹni tó ni ín ń retí èsì, nítorí náà mìlísẹ́kọ́ńdì 60 tó fún wíwọlẹ̀. Nígbà tí ìka bá ti kúrò, kò sí ohun tí ojú ń kánjú dúró dè mọ́, bọ́tìnnì lè fi 160 padà sípò rẹ̀. Ibi tí mo ti máa ń dín in kù ni pátákó nọ́ńbà tí a fi ń tẹ PIN, nítorí pé ọwọ́ yára níbẹ̀, nọ́ńbà kan náà sì lè tẹ̀ lé ara rẹ̀. 100 ti tó láti fi padà.

Ẹ kíyè sí bí bọ́tìnnì ṣe fẹ̀ tó pẹ̀lú. Bí a bá dín bọ́tìnnì kékeré tó jẹ́ dp 48 kù sí 0.97, díẹ̀ lé ní dp kan ni yóò fi kéré, ìka gan-an ti bò ó mọ́lẹ̀, ojú kò ní rí nǹkan kan. Bọ́tìnnì tiransífà tó gba ojú fóònù já, bíi dp 320, yóò fi nǹkan bíi dp 5 wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì hàn ketekete. Fún bọ́tìnnì kékeré, àwọ̀ ni kí ẹ yí, kí àwọ̀ náà sì tàn kọjá etí ìka.

Mo wá dé ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ká ní Flutter la fi kọ áàpù yìí, a sì gbé bọ́tìnnì tiransífà sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ yí sókè sódò. Ẹni tó kọ ọ́ lo `onTapDown` láti mú bọ́tìnnì wọlẹ̀, `onTapUp` láti dá a padà. Ó tẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì, ó dára. Ó dé ọwọ́ ẹni tó ń kánjú ra búrẹ́dì, kò sí ohun tó hàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú fọ́ọ̀mù tó lè yí, Flutter kò tíì mọ̀ bóyá ìka fẹ́ tẹ bọ́tìnnì ni àbí ó fẹ́ yí ojú ìwé, á sì dúró fún mìlísẹ́kọ́ńdì 100 kó tó pe `onTapDown`. Ẹni tó kánjú ti gbé ìka kúrò kí 100 tó pé. Wíwọlẹ̀ àti pípadà á wá ṣẹlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní sí àwòrán kankan láàárín wọn. Ẹni tó kọ áàpù kò rí i, nítorí pé ó rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń dán nǹkan wò. Android fúnra rẹ̀ ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀, 100 náà ni.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé ká gbé bọ́tìnnì kúrò nínú fọ́ọ̀mù tó ń yí, ká kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ sikirínì, ká sì fi `Listener` gbọ́ ìka fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ `onPointerDown`. Ìyẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, bí ìka bá yára kúrò, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì wà ní wíwọlẹ̀ fún ó kéré tán mìlísẹ́kọ́ńdì 80 kí ẹ tó sọ `pressed` di `false`.

```dart
AnimatedScale(
  scale: pressed ? 0.97 : 1.0,
  duration: Duration(milliseconds: pressed ? 60 : 160),
  curve: const Cubic(0, 0, 0.2, 1),
  child: button,
)
```

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú `AnimatedScale` ni pé bí ìka bá tún padà wá kí bọ́tìnnì tó délé, ibi tó bá a ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní fò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo èyí kò lè dá ìsanwó ẹ̀ẹ̀mejì dúró fúnra rẹ̀ o. Ní kété tí ìka bá kúrò, ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ yí padà sí «Ó ń lọ», bọ́tìnnì sì gbọ́dọ̀ kọ títẹ̀ míràn lójú ẹsẹ̀, láìdúró de kọ́ọ̀fù kankan. Kí tiransífà kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí sáfà lè fi mọ̀ ọ́n bó bá tún padà wá.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára? Ẹ wá fóònù olówó pọ́ọ́kú, irú Itel tàbí Tecno tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín. Ẹ fi `flutter run --profile` gbé áàpù sí i, nítorí pé èyí tí a fi ń wá àṣìṣe máa ń lọ́ra ju ti gidi lọ. Ẹ wá fi fóònù míràn tó lè ya fídíò alábala 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ya ìka yín bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì kíákíá. Àwòrán kan jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdì mẹ́rin lé díẹ̀, nítorí náà àwòrán 24 ni ààyè Miller. Ẹ ka iye tó wà láàárín ìgbà tí ìka kan gíláàsì àti ìgbà tí bọ́tìnnì kọ́kọ́ yí padà.

Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá pẹ́ ju àwòrán 24 lọ, kọ́ọ̀fù kọ́ ló jẹ̀bi: ẹ wá ìdúró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tàbí iṣẹ́ wúwo, bíi dídi PIN sínú kóòdù, tí ẹ gbé sí ojú ọ̀nà kan náà tí fóònù fi ń ya àwòrán. Bó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń fà nílẹ̀, kọ́ọ̀fù ni kí ẹ mú. Bó bá ń fò láti ipò kan sí òmíràn, fóònù náà kò lè ya àwọn àwòrán náà tán, ẹ yọ òjìji àti ohun ọ̀ṣọ́ tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan iye kankan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ `Settings`, kí ẹ tan `Remove animations`, kí ẹ tún un tẹ̀. Àwọn kan wà tí ìrìn ojú sikirínì máa ń mú kí òòyì kọ́. Wíwọlẹ̀ àti pípadà lè lọ fún wọn, àmọ́ àwọ̀ bọ́tìnnì ṣì gbọ́dọ̀ ṣú lábẹ́ ìka wọn.