Ìlà Kan Nínú Síífíì Akáǹtáǹtì

 

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn lèmi ń ṣe, ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, àwọn àbúrò wa sì máa ń gbé síífíì wá kí n bá wọn tún èdè rẹ̀ ṣe. Èdè kọ́ ló sábà máa ń dà wọ́n láàmú. Ìlà kan ṣoṣo ni: èyí tí wọ́n fi ń sọ ibi tí wọ́n dé ní ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì tí òfin ọdún 1965 dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọbìnrin kan gba HND nínú ìṣirò owó ní póli. Torí pé ICAN fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ póli náà, wọ́n yọ̀ǹda ìdánwò ipele kìn-ín-ní, tí wọ́n ń pè ní Foundation, fún un. Ó ṣe ipele kejì, Skills, ó sì yege ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ó wọ ipele kẹta, Professional. Ó ti yege nínú pépà 3 níbẹ̀, ó ku 2. Kí ló wá kọ sínú síífíì? "ACA (in view)".

Ẹ̀yin ará, kí ni ọ̀gá tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ máa rí nínú ìyẹn? Ẹni tó ku pépà 2 lè kọ ọ́, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lánàá náà lè kọ ọ́. Ọ̀gá kò ní mọ ìyàtọ̀, iṣẹ́ ńlá tí ọmọ yìí ti ṣe á sì wọlẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó ń kánjú kàwé lè rí ACA nìkan, kó gbà pé ó ti di akáǹtáǹtì ẹgbẹ́. Bí àṣírí bá tú níbi ìntáfíù, ta ló máa gbà pé kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́?

Ohun tó yẹ kó kọ rèé: ICAN, wọ́n yọ̀ǹda Foundation fún un, ó yege Skills, oṣù kọkànlá 2022, Professional, pépà 3 ti bọ́ sápò, 2 ló kù, kó sì dárúkọ ìdánwò tó ń bọ̀ tó fẹ́ jókòó fún, torí oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé kò kọ pé òun "yege" Foundation. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fúnni kì í ṣe ohun tí a jókòó ṣe.

Bó bá wá yege pépà tó kẹ́yìn ńkọ́? Kò tíì di ACA o! Ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ gbà á wọlé. Títí dìgbà yẹn, kó kọ pé òun ti parí ìdánwò, òun ń retí ìgbàwọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á wọlé ni ACA á tẹ̀lé orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọdún ìgbàwọlé àti nọ́ńbà ẹgbẹ́. Ẹni tó sì gba ti ANAN, CNA ni kó kọ. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, akáǹtáǹtì gidi ni, ṣùgbọ́n kò lè torí ìyẹn ṣí ọ́fíìsì kó máa buwọ́ lu ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ ẹlòmíì gẹ́gẹ́ bí ọ́dítọ̀. Láísẹ́ńsì ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ ń fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyẹn. Ẹni tí kò bá ní i, kó kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ lòun, kó dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó ní i, kó kọ ọ́ sọ́tọ̀ lábẹ́ ACA rẹ̀, kó má dà á pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Òfin ICAN kan náà ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ máa lo orúkọ oyè tó fi hàn pé iṣẹ́ yìí lòun ń ṣe. Ọ̀gá tó bá sì fura lè kọ̀wé sí ẹgbẹ́, kó béèrè nípa nọ́ńbà yẹn. Irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá.

Torí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń gbani síṣẹ́, bí ẹ bá rí "in view", ẹ béèrè pé: pépà mélòó ló kù? Ẹ̀yin àbúrò, ẹ ti kọ ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó béèrè.