Ẹni Yìn Ọ́, O Ní Ó Bú Ọ

Èdè Páṣíà, tí wọ́n ń sọ ní Ìráànì, yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ Lárúbáwá. Àmọ́ ìtumọ̀ àwọn kan ti yà kúrò lọ́nà. Ẹ gbọ́ “kasíìfù”. Ní Lárúbáwá, ohun tó kún tàbí tó dí ni: igbó dídí, irùngbọ̀n tó kún dáadáa. Ní Páṣíà ńkọ́? Ohun tó dọ̀tí ni! Bí Lárúbáwá bá fi yin irùngbọ̀n ará Tẹ́ránì, ìjà lè dé. Mo tún un sọ: ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Lárúbáwá, tẹ́ ẹ bá ń kọ́ Páṣíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ìwé atúmọ̀ èdè Páṣíà wò kẹ́ ẹ tó fi yin ẹnikẹ́ni.