Lẹ́tà Bàbá Kan sí Ilé-iṣẹ́ Asiráńsì

Ọ̀rọ̀ asiráńsì ìlera ni mo gbé wá lónìí: kí ni bàbá lè ṣe bí ilé-iṣẹ́ asiráńsì bá kọ̀ láti san owó iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì ọmọ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń ṣiṣẹ́ fún ló fi orúkọ rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ sínú asiráńsì, wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní àyíká ìdodo. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ìrora náà ti ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ọmọ ń bì, ara rẹ̀ gbóná. Dókítà ní àpẹ́ńdíìsì ni, pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè bẹ́ sínú, kí ìdọ̀tí rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ikùn. Wọ́n là á lọ́jọ́ náà. Owó tí bàbá san jẹ́ 310,000 fráǹkì.

Ó kó rìsíìtì lọ sí asiráńsì. Èsì tí wọ́n fún un kò ju ìlà méjì lọ: àìsàn náà ti wà kí ó tó wọ asiráńsì, kò sì tọrọ àṣẹ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ibí yìí ti máa ń gbà fún Ọlọ́run. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Òfin tó ń darí asiráńsì ní Benin ni wọ́n ń pè ní Kóòdù Sìmà. Orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ní Áfíríkà ló ń lò ó pọ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1992 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yàúndé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 1995. Inú kóòdù yẹn ni bàbá yóò ti rí ohun tó máa kọ.

Kí ó tó kọ ohunkóhun, kí ó lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó gba ẹ̀dà ìwé àdéhùn asiráńsì lódindi. Káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ni àdéhùn. Ẹ̀ka kẹjọ Kóòdù Sìmà sọ pé gbólóhùn èyíkéyìí tó bá yọ nǹkan kan kúrò nínú ohun tí asiráńsì ń san kò ní agbára àfi bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tó hàn gedegbe. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ ni pé: gbólóhùn wo gan-an, ojú ìwé wo, ni ẹ fi kọ̀ mí? Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá lè fi ìka tọ́ ọ, tàbí bó bá jẹ́ pé inú àwọn lẹ́tà wínníwínní ló sápamọ́ sí, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún bàbá nìyẹn.

Ní ti àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti mú un ni ìwé ìlera ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú run ún ní oṣù mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó wọ asiráńsì, wọ́n sì fún un ní oògùn aràn. Inú rírun nítorí aràn kì í ṣe àpẹ́ńdíìsì. Dókítà tó là á ni kó kọ èyí, kì í ṣe bàbá. Kí ó tọrọ ìwé ẹ̀rí tó sọ ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n la ikùn, àti ìdí tí kò fi ṣeé dúró. Bí wọ́n bá gbé ẹran tí wọ́n gé kúrò lọ fún àyẹ̀wò, kí ó so èsì rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ìwé ìṣègùn yìí, inú àpòòwé tí a lẹ̀ pa ni kí wọ́n wà, kí ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé dókítà ilé-iṣẹ́ asiráńsì nìkan ló wà fún, nítorí àṣírí ìlera ọmọ ni.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ sọ pé bàbá gbàgbé láti kọ ohun kan sínú fọ́ọ̀mù nígbà tó ń wọlé. Ẹ̀ka kejìdínlógún sọ pé irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa ló ń pa àdéhùn rẹ́. Ẹ̀ka kọkàndínlógún wá sọ ti ẹni tó ṣe àṣìṣe láìní ète búburú: wọn kò lè fọwọ́ gbá gbogbo owó rẹ̀ dànù, wọ́n á kàn dín in kù ní ìwọ̀n owó tí ó yẹ kó máa san. Bí ó bá ń san 60,000, tí ó yẹ kó jẹ́ 80,000, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọn yóò san fún un. Kíkọ̀ pátápátá yàtọ̀ sí èyí gidigidi.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ tí kò tọrọ ńkọ́? Púpọ̀ nínú ìwé àdéhùn ló fi àyè sílẹ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì, pé kí èèyàn kàn sọ fún wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá yóò wá gbólóhùn yẹn, yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀, yóò sì fi wákàtí tí wọ́n gba ọmọ wọlé hàn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé aláìsàn sọdá ẹnubodè Ìgòlò lọ sí Ìdírókò, ẹ wo inú ìwé àdéhùn yín dáadáa: ọ̀pọ̀ asiráńsì kì í san owó ìtọ́jú tí a gbà ní òkèèrè.

Lẹ́tà náà kò nílò kó gùn. Èdè Faransé ni kó fi kọ ọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àdéhùn, orúkọ ọmọ àti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kó sì so ìwé ìbí ọmọ mọ́ ọn. Kó béèrè iye tó tọ́ sí i gan-an. Bí àdéhùn bá sọ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni asiráńsì ń san, 248,000 fráǹkì ni, kì í ṣe 310,000. Kó fún wọn ní ọjọ́ tí ó retí èsì.

Kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lórí fóònù nìkan. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kó gbé e lọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi lẹ́tà rekọmándé, èyí tí ẹni tó gbà á máa fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á. Ọdún méjì péré ni ẹ̀ka kejìdínlọ́gbọ̀n fún èèyàn láti gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e sọ pé irú lẹ́tà báyìí, tí a fi béèrè owó wa, máa ń dá àkókò náà dúró, tí kíka rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpè fóònù ogún kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, kó tọ́jú ìwé ẹ̀rí náà pa pọ̀ mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà.

Bí wọ́n bá dákẹ́, tàbí tí wọ́n tún kọ̀, kó mú gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó asiráńsì lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìnáwó ní Kùtọnú, kó fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀nà ilé ẹjọ́ ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì fẹ́ san díẹ̀, kó ka ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí kó tó gba owó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní ohunkóhun mọ́ láti béèrè, tí ó sì fọwọ́ sí i, ó máa ṣòro fún un láti béèrè ìyókù.